Ìdájọ́ láti Lọ́ńdọ̀n, èlé orí gbèsè: ṣé kóòtù Ìlọrin lè kọ̀ ọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Tankẹ
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò màmá mi ni mo gbé wá. Ní 2022, ó yá £20,000 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀n láti fi kó ẹ̀yà ọkọ̀ wá sí Ìlọrin. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé èlé yóò jẹ́ 3% lóṣooṣù. Ó san £6,000, ọjà dojú dé, ó bá dákẹ́. Ọ̀rẹ́ yìí pè é lẹ́jọ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí i nílé rẹ̀ ní Gáà Àkànbí, kò dá wọn lóhùn. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí kóòtù ti dá a lẹ́bi pé kó san £28,400. Lọ́yà kan wá kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ń gbé ìdájọ́ náà bọ̀ ní Haikóòtù Kwara. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ní ká fọkàn balẹ̀, pé ìlú Mùsùlùmí nìlú wa, èlé jẹ́ èèwọ̀, kóòtù kò ní gbà á wọlé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Alájì Jẹ́dà
Àsàláámù àlékúmù. Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní Jẹ́dà kí n tó padà wá sí Òkè Ìmàlè. Lójú mi báyìí ni wọ́n ṣe gbé ìdájọ́ ìlú òkèèrè wá bá ọ̀gá mi. Ohun tí kóòtù ibẹ̀ ṣe ni pé wọ́n fi ojú owó sílẹ̀, wọ́n gé gbogbo èlé kúrò. Ríbà ni, wọn kò fẹ́ fojú rí i. Ẹ sọ fún àbúrò ìyá yín kó lọ mú lọ́yà tó mọ Kùránì, ojú owó nìkan ni yóò san.

Fátè Bọ̀ọ́sì
Ẹ jẹ́ n bá yín ṣírò. 3% nínú £20,000 jẹ́ £600 lóṣù kan. Oṣù mẹ́rìnlélógún jẹ́ £14,400. Ẹ fi £20,000 lé e, ẹ yọ £6,000 tó ti san, £28,400 gééré ló kù. Bí wọ́n bá gé èlé bí Alájì ṣe wí, £14,000 ni. Ìdajì gbèsè ló wà lórí ìbéèrè yìí o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Èmi tí mi ò tíì rí pọ́n-ùn kan ṣoṣo rí, ẹ̀rù ti ń bà mí.

Lọ́yà Mọjọ̀
Alájì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ lẹ sọ nípa Sáúdí. Àmọ́ ẹ gbé òótọ́ ibẹ̀ wá síbi tí kì í ti í ṣiṣẹ́.

Kò sí ìlú tí kò ní ilẹ̀kùn kan tó máa ń tì mọ́ ìdájọ́ òkèèrè. Àwa lọ́yà ń pè é ní pọ́blíìkì pọ́lísì. Mo máa pè é ní ìlànà ìlú níbí kí ahọ́n mi lè sinmi. Ìlú tó ni ilẹ̀kùn ló ń sọ ohun tí yóò tì í mọ́. Ní Sáúdí, Ṣàríà ni ìpìlẹ̀ òfin tí adájọ́ fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà èlé ta ko ìlànà ìlú wọn pátápátá. Ìdájọ́ kan náà, ìwé kan náà, bí ẹ bá gbé e dé Ìlọrin, òfin Nàìjíríà ni adájọ́ Haikóòtù yóò wò, kì í ṣe ohun tí àdúgbò gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìlànà ẹjọ́ tí Haikóòtù fúnra rẹ̀ ń lò fún adájọ́ láṣẹ láti fi èlé kún owó ìdájọ́ títí dọjọ́ tí onígbèsè bá san án. Báwo ni adájọ́ yóò ṣe sọ pé ohun tí òun ń fi ọwọ́ ara òun ṣe jẹ́ ìríra sí ìlú?

Ẹ má bínú sí mi, Alájì. Èmi náà kì í gba èlé.

Alájì Jẹ́dà
Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n Kwara ní Kóòtù Ṣàríà ti Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní Ìlọrin níbí. Kí ni wọ́n kọ́ ọ fún nígbà náà?

Lọ́yà Mọjọ̀
Ìbéèrè tó dára ni. Abala 277 nínú ìwé òfin 1999 ló sọ iṣẹ́ rẹ̀: ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ nílànà Ìsìláàmù, ogún, wákàfù, ẹ̀bùn, alágbàtọ́ ọmọdé, àwọn ọ̀rọ̀ ara ẹni bẹ́ẹ̀. Owó òwò tí ẹnì kan yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n kò sí níbẹ̀. Àti pé Haikóòtù ni òfin ní kí wọ́n gbé ìdájọ́ òkèèrè wá.

Ìyá Torontò
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní irú ẹjọ́ yìí. Ọkọ mi gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní Kánádà láìjẹ́ kí n mọ̀, ó wá fẹ́ fi lé mi kúrò nínú ilé tí a jọ kọ́ ní Ọ̀fà. Ṣé mo lè sọ pé ó ta ko ìlànà ìlú, ìgbà tó jẹ́ pé iwájú àwọn òbí wa ni wọ́n ti so wá pọ̀?

Lọ́yà Mọjọ̀
Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ojú ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó rẹ́jísírì, òfin ìgbéyàwó 1970 ló ni ọ̀rọ̀ yín, abala 81. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni ibi tí ọkọ yín fi ṣe ibùgbé gidi nígbà tó lọ gba ìwé náà, àti bóyá wọ́n fún yín láàyè láti sọ tẹnu yín. Ti ilé Ọ̀fà tún dá dúró, ilẹ̀ tó wà ní Kwara kì í ṣe ohun tí kóòtù Kánádà lè pín láti ọ̀hún. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀ kó má baà sọnù sáàárín gbèsè.

Lọ́yà Mọjọ̀
Mo padà sí ti Àbẹ̀kẹ́, nítorí ohun tó dùn jù níbẹ̀ kò tíì jáde.

Òfin méjì ló wà nílẹ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ti àkọ́kọ́ ti wà láti 1922, ìjọba òyìnbó ló ṣe é, fún ìdájọ́ tó ń ti ìlú wọn bọ̀. Èkejì ni ti 1961, tó yẹ kó gba gbogbo ayé, àmọ́ ó ní kí Mínísítà Ìdájọ́ kọ́kọ́ kéde àwọn ìlú tó kàn. Títí dòní, kò sí Mínísítà tó kéde. Ìdí nìyí tí Ilé Ẹjọ́ Gígajùlọ fi sọ nínú ẹjọ́ Macaulay àti báńkì Ọ́síríà kan, ní 2003, pé ti 1922 ló ṣì ń darí ìdájọ́ Ìgílándì. Báńkì yẹn pàdánù, nítorí òfin 1922 fún ẹni tó gba ìdájọ́ ní oṣù méjìlá péré láti wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí, àyàfi bí kóòtù bá fi àkókò kún un fún un. Wọ́n ti pẹ́ kọjá oṣù méjìlá kí wọ́n tó wá.

Ẹ wá wo bí òfin méjèèjì ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìlànà ìlú. Ti 1961 ń béèrè pé: bí a bá mú ìdájọ́ yìí ṣẹ, ṣé yóò ta ko ìlànà ìlú Nàìjíríà? Ìdájọ́ ló ń wò. Ti 1922 kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìdájọ́ ló ń wò, ohun tó bí ẹjọ́ gan-an. Ó ní kí adájọ́ má ṣe forúkọ ìdájọ́ sílẹ̀ bó bá jẹ́ pé irú ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pẹjọ́ lọ́hùn-ún, kóòtù tibí kì bá tí gbọ́ ọ rárá nítorí ìlànà ìlú.

Nítorí náà, ẹ fojú inú wò ó pé ọ̀rẹ́ yìí kò lọ sí kóòtù Lọ́ńdọ̀n rárá. Ó wọkọ̀ òfuurufú, ó sọ̀ sí Ìlọrin, ó gbé ìwé àdéhùn lọ sí Haikóòtù níbí. Ṣé adájọ́ máa lé e jáde pé ẹjọ́ rẹ̀ ń rùn? Rárá. Èlé tí ẹni méjì fọwọ́ sí, kóòtù wa ń gbà á lójoojúmọ́ bí olówó bá fi ẹ̀rí gbè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ti já.

Ìgbà wo ni ilẹ̀kùn yìí ń tì? Bí owó náà bá jẹ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ní kó gbé fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti fi gba kọngiláàtì, tí ẹni tó gbé e kò ṣe é, tí wọ́n wá gba ìdájọ́ lé e lórí. Bó bá jẹ́ owó igbó. Bó bá jẹ́ ìjọba òkèèrè ló ń lé owó orí rẹ̀ wá síbí. Irú ìyẹn, kóòtù Ìlọrin kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n pé adájọ́ Lọ́ńdọ̀n ṣàṣìṣe, tàbí pé èlé náà dùn wá, tàbí pé adájọ́ tiwa ìbá dá a lọ́nà mìíràn, ìyẹn kò tó. Adájọ́ kò ní tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Alájì Jẹ́dà
Lọ́yà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé wọn kò lè gé èlé yọ kí wọ́n forúkọ ojú owó nìkan sílẹ̀? Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní Jẹ́dà.

Lọ́yà Mọjọ̀
Òfin 1961 fàyè gba kí wọ́n forúkọ apá kan sílẹ̀ kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀. Ti 1922 kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé bí ìdájọ́ bá ti jáde, ojú owó àti èlé ti di odidi kan, gbèsè ìdájọ́ ni a ń pè é. Kóòtù tí yóò tún un pín sí méjì ní láti rí ìdí tó lágbára, mo sì ti ṣàlàyé pé kò sí ìdí náà níbí. Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ pé 3% lóṣooṣù ni, mo mọ adájọ́ kan tàbí méjì tí yóò fojú burúkú wò ó. Ìwò lásán ni o.

Akọ̀wé Kóòtù Ọmù-Àrán
Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Èmi kì í ṣe lọ́yà, akọ̀wé kóòtù ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ ń sáré ju ìwé lọ. Irú ìwé báyìí ti kọjá lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń wá nìyí: lọ́yà olówó á kọ́kọ́ wá láìsí onígbèsè níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbúra àti ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù òkèèrè fi òǹtẹ̀ lù. Bí adájọ́ bá gbà, àṣẹ ìforúkọsílẹ̀ á jáde, iye ọjọ́ tí onígbèsè ní láti fi wá ní kí wọ́n fagi lé e á sì wà nínú àṣẹ náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó gbé e wá fún un. Bí àbúrò ìyá yín bá tún ju ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ju ti Lọ́ńdọ̀n, ìlànà ìlú kankan kò ní gbà á.

Ìbéèrè mi sí Àbẹ̀kẹ́: orúkọ kóòtù wo ló wà lókè ìwé ìdájọ́ gan-an? Ẹ má kà á látinú lẹ́tà lọ́yà o. Ìdájọ́ fúnra rẹ̀ ni mo ń bi yín.

Àbẹ̀kẹ́ Tankẹ
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Gáà Àkànbí. "County Court" ló wà lókè. Mo tún ka ìwé àdéhùn. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ tó ní bí ìjà bá dé, kóòtù Ìgílándì ni àwọn gbà kó parí rẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Lọ́yà Mọjọ̀
Baba akọ̀wé, ẹ ṣeun. Èmi ni mo gbàgbé láti béèrè, ó sì yẹ kí ojú tì mí. Òfin 1922 sọ ọ́ gbangba pé ìdájọ́ Haikóòtù Ìgílándì tàbí ti Áyálándì, tàbí ti Kóòtù Sẹ́ṣọ̀n ní Sìkọ́tílándì, ni ó wà fún. Kaúntì kóòtù kò sí níbẹ̀. Ní Ìgílándì sì rèé, ẹjọ́ owó tí kò bá ju £100,000 lọ, kaúntì kóòtù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú gbèsè láàárín ọ̀rẹ́ àti ẹbí, òfin 1922 kò mọ̀ wọ́n rí.

Fátè Bọ̀ọ́sì
Ó parí! Ẹ jẹ́ ká lọ jẹ wàrà.

Lọ́yà Mọjọ̀
Kò parí, arákùnrin. Ọ̀nà míì wà tí kò nílò òfin 1922. Olówó lè pe ẹjọ́ tuntun ní Ìlọrin, kó ní: ẹ wò ó, kóòtù tó láṣẹ ti ní kí ọkùnrin yìí san £28,400 fún mi, ìdájọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni gbèsè tí mo ń bèèrè. Ilé Ẹjọ́ Gígajùlọ fọwọ́ sí irú ọ̀nà yìí ní 1965, nínú ẹjọ́ Toepfer àti Edokpolor, lórí ìdájọ́ tó ti Níú Yọ́ọ̀kì wá. Kò sí oṣù méjìlá lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ lè ní kí wọ́n gbé e sí andifẹ́ńdẹ́dì lísìtì, níbi tí onígbèsè kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ láti fi ìwé ìbúra sọ ìdí tó fi fẹ́ jà.

Nínú ẹjọ́ tuntun yìí náà, a lè gbé ìlànà ìlú dìde láti fi gbèjà ara wa. A sì lè sọ pé kóòtù Lọ́ńdọ̀n kò láṣẹ lórí ẹni tó ń gbé Ìlọrin tí kò yọjú sí wọn. Ìyẹn ni mo rò pé yóò gbà á, títí Àbẹ̀kẹ́ fi ka gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn fún wa. Ẹni tó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun gba kóòtù Ìgílándì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Pé kò yọjú kò ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Kọ́lá Adéwọlé
Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, mo júbà. Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ. Àkọ́kọ́, ṣé wọn kò lè gbé ìdájọ́ kaúntì kóòtù lọ sí Haikóòtù lọ́hùn-ún kí ó lè bá òfin 1922 mu? Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn tí ń gba gbèsè lọ kó ẹrù.

Èkejì ló dà bí ẹni pé ẹ fò. Òfin ayánilówó. Ẹni tó bá ń fi èlé yáni lówó, òfin gbà pé ayánilówó ni títí tí yóò fi fi hàn pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ayánilówó kò bá sì ní láísẹ́ǹsì, kóòtù kò ní bá a gba owó náà. Ẹ fi ìbéèrè 1922 tí ẹ kọ yẹn wò ó: ká ní Ìlọrin ló gbé e wá tààrà, kóòtù kì bá tí gbọ́ ọ. Ìlànà ìlú gidi nìyẹn. Kò kan ríbà rárá.

Lọ́yà Mọjọ̀
Kọ́lá, o káre. Lórí ti àkọ́kọ́, mo ṣiyèméjì. Òfin ní ìdájọ́ tí wọ́n "gbà" ní Haikóòtù. Èyí tí wọ́n kàn gbé lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè fi gba owó, kaúntì kóòtù ni wọ́n ti gbà á. Ẹlòmíì lè jiyàn rẹ̀, mi ò ní pè é ní òmùgọ̀.

Lórí ayánilówó, ìwọ lo rí i ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n mo ní wàhálà méjì. Ẹni tó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lówó lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe oníṣòwò owó, ó lè fi ìyẹn já ohun tí òfin gbà. Èkejì, Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ti ṣe àdéhùn, ibẹ̀ ni owó ti kúrò lọ́wọ́ olówó. Ṣé òfin láísẹ́ǹsì tiwa dé Lọ́ńdọ̀n?

Kọ́lá Adéwọlé
Ẹ̀gbọ́n, ìlànà ìlú kì í béèrè ibi tí àdéhùn ti wáyé. Tibí ló ń wò. Bí ó bá jẹ́ ibi àdéhùn la ó máa wò, kò sí ìgbà tí ilẹ̀kùn yẹn máa tì.

Lọ́yà Mọjọ̀
Kì í ṣe gbogbo òfin tí a ní ló jẹ́ ìlànà ìlú, àbúrò. Òfin láísẹ́ǹsì wà láti dáàbò bo àwọn tó ń yáwó níbí. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ burú níbi gbogbo, àìní láísẹ́ǹsì Kwara kò burú ní Lọ́ńdọ̀n. Mi ò tíì gbà pẹ̀lú rẹ. Àmọ́ bí mo bá jẹ́ lọ́yà ọkùnrin yìí, màá kọ ọ́ sínú ìwé ìgbèjà mi, màá sì kọ ọ́ ṣáájú ríbà.

Akọ̀wé Kóòtù Ọmù-Àrán
Ẹ̀rí ni yóò sọ ọ́. Ṣé ọ̀rẹ́ yìí ń yá àwọn míì lówó?

Àbẹ̀kẹ́ Tankẹ
Baba, mo pe àbúrò màmá mi lórí ìyẹn. Ó ní àwọn bíi mẹ́rin ni òun mọ̀ tó ti yá lọ́wọ́ rẹ̀, méjì wà ní Ọjà Ọba níbí, 3% náà ni. Ó ní ọkùnrin náà máa ń gbé e sórí Wasáàpù rẹ̀ pé ẹni tó bá nílò pọ́n-ùn kó kàn sí òun.

Kọ́lá Adéwọlé
Kó ya àwòrán rẹ̀ lónìí kó tó di pé wọ́n pa á rẹ́. Kó sì bi àwọn méjì Ọjà Ọba bóyá wọ́n lè fi ìwé ìbúra sọ ọ́.

Alájì Jẹ́dà
Ẹ̀yin lọ́yà, èlé náà lẹ ṣì padà dé o.

Lọ́yà Mọjọ̀
Ha, Alájì! Ẹnu ọ̀nà míì la gbà wọlé. Àbẹ̀kẹ́, ẹ ní kó má dá lẹ́tà lọ́yà yẹn lóhùn fúnra rẹ̀, pàápàá kó má kọ pé òun jẹ ẹ́ ṣùgbọ́n òun kò lówó. Kó mú ìdájọ́, ìwé àdéhùn àti ẹ̀rí £6,000 tó san dání lọ bá lọ́yà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí oṣù méjìlá pé, bí wọ́n bá fẹ́ gbìyànjú òfin 1922 pẹ̀lú ìdájọ́ kaúntì kóòtù yẹn, àárín àkókò yìí ni wọ́n máa wá.

Àbẹ̀kẹ́ Tankẹ
Mo ti sọ fún un. Ó ní òun kò rí àpò ìwé Lọ́ńdọ̀n yẹn mọ́, pé àwọn ọmọ ti fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú.